Ẹni Tí Kò Mọ Ẹnì Kankan: Bí A Ṣe Ń Wá Ojúlùmọ̀ Nídìí Iṣẹ́ Tuntun

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tá a pe ara wa sí lónìí jẹ́ ti ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ kan bọ̀ fún ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, tó wá fẹ́ bọ́ sídìí iṣẹ́ mìíràn, àmọ́ tí kò mọ ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa wà lókè lásán, ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, ká sì máa bá a rìn lọ. Ká sọ pé obìnrin ni, ọmọ ọdún 36, òṣìṣẹ́ lóònù ní báńkì maikrofáínáǹsì kan ní Òṣogbo. Òun ló ń yá àwọn ọlọ́jà lówó, òun ló ń wo onídùúró wọn, òun náà ló ń lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò san. Ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ sólà.

Kò yan sólà láìnídìí. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, iná jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí apá ọ̀pọ̀ ìdílé kò ká mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A tún fò láti iye tí kò tó náírà 70 lọ sí náírà 225 lórí yúníìtì iná kan. Báyìí ni àwọn èèyàn ṣe ń sá tọ oòrùn lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè kó owó sólà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Sun King àti d.light fi ń tà á fún àwọn tó ń san díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà á sanwó, wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́ sí i, á tẹ kóòdù náà sínú àpótí sólà, iná á sì tàn fún iye ọjọ́ tó san. Tí ọjọ́ bá pé tí kò tíì san òmíràn, àpótí á ti ara rẹ̀ pa.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí kò kàn ń ta páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, ó ń yá èèyàn lówó ni. Ẹni tó mọ ojú ajigbèsè, tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà àti ẹni tó ń sá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àmọ́ obìnrin wa lè má mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí tó bá ka ìpolówó iṣẹ́, orúkọ ipò ló máa rí níbẹ̀, kò ní rí i pé iṣẹ́ tóun ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n pè lórúkọ mìíràn. Ẹni tó wà nínú ilé ló lè sọ ọ́ fún un. Ohun tá a fi ń wá ojúlùmọ̀ nídìí iṣẹ́ tuntun gan-an nìyẹn. Kì í ṣe ojúrere la kọ́kọ́ ń wá, òye ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó sún mọ́ ọn jù: ọkọ, àbúrò, ọ̀rẹ́ ìmùlẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ wà níbi iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó mọ̀ náà ni wọ́n mọ̀. Onímọ̀ àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, ló fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ lọ́dún 1973. Ó bi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ ní ìlú kan lẹ́bàá Boston, àwọn tó jẹ́ pé ojúlùmọ̀ ló júwe iṣẹ́ náà fún wọn, pé báwo ni wọ́n ṣe máa ń rí ojúlùmọ̀ yẹn sí. Àwọn tó ń rí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ju 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 55.6. Àwọn tí kì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ, tàbí tí kì í tiẹ̀ rí i tó bẹ́ẹ̀, jẹ́ 27.8. Ẹni tá a mọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ń rìn níbi tí àwa kì í rìn dé, ìdí nìyẹn tí ìròyìn tuntun fi wà lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí náà, tí obìnrin wa bá sọ pé òun kò mọ ẹnì kankan, ohun tó ń sọ ni pé kò sí onísólà láàárín àwọn tóun ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ìyẹn yàtọ̀.

Kó mú ìwé àti bírò. Kó má ronú nípa sólà rárá, torí tó bá bẹ̀rẹ̀ látorí sólà, ìwé á ṣófo. Ibi tó ti gbé rí ni kó fi máa rántí orúkọ. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ní pọlí. Àwọn tí wọ́n jọ sìnrú ìlú, pàápàá àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ CDS kan náà. Àwọn tó ti kúrò ní báńkì wọn lọ síbòmíràn, àwọn yìí ṣe pàtàkì gan-an torí ọ̀nà tí òun fẹ́ gbà ni wọ́n ti gbà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí àtijọ́, àwọn tí wọ́n jọ gbé inú ilé kan náà. Kó kọ ọ́ títí á fi tó ogójì orúkọ. Lẹ́yìn náà, kó fi àmì sí àwọn tí kò tíì bá sọ̀rọ̀ láti ọdún kan sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ibì kan wà tí òṣìṣẹ́ lóònù fi lọ́lá ju ẹlòmíràn lọ, ìyẹn ni àwọn oníbàárà rẹ̀. Nínú àwọn tó ti yá lówó, kò ní ṣàì sí ẹni tó ń ta bátìrì àti ìnfátà nínú ìlú. Ẹni yẹn ń rajà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó, ilé-iṣẹ́ yẹn sì ní ẹni tó ń wá sí Òṣogbo láti gba owó àti láti kọ iye ọjà tó kù sílẹ̀. Ẹni tó ń wá yẹn ti wà nínú iṣẹ́ náà. Ìgbésẹ̀ méjì péré ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà ńbẹ̀ tí kò yẹ ká fojú fò: oníbàárà tó ṣì jẹ báńkì lówó kò lè sọ pé òun kò ṣe. Àwọn tó ti san gbèsè wọn tán ni kó lọ bá, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa dà bíi pé ó fi ipò rẹ̀ ni wọ́n lára.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa fi ránṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìsapá ti ń kú. Àwa Yorùbá kì í fo ìkíni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lójúkojú, ẹni tá a kí á dáhùn, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ síwájú. Lórí WhatsApp, ẹni tí a kò tíì rí láti ọdún márùn-ún á kọ “Ẹ káàárọ̀ sà,” á sì dákẹ́, á máa retí èsì. Ẹni tó gbà á mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ìkíni yẹn, kò sì mọ bó ṣe tóbi tó. Á gbé e tì, á gbàgbé. Inú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ni kí ìkíni àti ọ̀rọ̀ wà. Báyìí ló ṣe lè rí:

“Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. A jọ wà nínú CDS ètò ìlera ní Ìlọrin lọ́dún 2012, èmi ni mo máa ń kọ orúkọ sílẹ̀. Òṣogbo ni mo wà báyìí, níbi tí mo ti ń rí sí lóònù àwọn ọlọ́jà. Mo ń gbìyànjú láti mọ bí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta sólà ní díẹ̀díẹ̀ ṣe ń gba owó wọn. Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi ìgbowó? Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ bi í, kì í ṣe iṣẹ́ ni mo fẹ́ tọrọ. Tí kò bá sí, ẹ má ṣe ìyọnu. Ó dùn mọ́ mi láti kí yín. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé.”

Ẹ wò ó bó ṣe tò. Ó rán ẹ̀gbọ́n létí ibi tí wọ́n ti mọra, pẹ̀lú ohun kan tó lè mú ojú rẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ó sọ ohun tó ń ṣe nísinsìnyí. Ó dárúkọ irú ẹni tó ń wá ní pàtó, torí “ẹni tó wà nídìí sólà” gbòòrò jù, ọkàn kì í rí nǹkan dì mú níbẹ̀, ṣùgbọ́n “ẹni tó ń gba owó nílé-iṣẹ́ sólà” á mú kí ojú ẹnì kan yọ. Ó tún ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n láti sọ pé kò sí, láìjẹ́ pé ojú tì í.

Tí ẹ̀gbọ́n bá wá fèsì pé, “Àbúrò ìyàwó mi wà ní ọ̀kan,” ohun tó máa wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni “Ẹ fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀.” Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a fún ní nọ́ńbà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ máa dé bí àlejò tí a kò pè, ẹ̀gbọ́n tó fún un náà á sì jẹ́bi. Ohun tó yẹ ni kí obìnrin wa kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú mìíràn tí ẹ̀gbọ́n lè kàn fi ránṣẹ́ lọ bó ṣe rí, láìkọ ohunkóhun kún un:

“Òṣìṣẹ́ lóònù ni mí ní Òṣogbo, mo ti ṣe é fún ọdún mẹ́jọ. Mo fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ìgbowó ṣe rí nílé-iṣẹ́ sólà, kí n tó pinnu bóyá kí n yà sídìí rẹ̀. Ṣé ẹ lè fún mi ní ogún ìṣẹ́jú lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ Sátidé ló rọrùn fún mi, àmọ́ ìgbà tó bá wọ̀ fún yín ni mo máa bá yín ṣe.”

Ẹ̀gbọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Tí ẹni náà bá gbà, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ á rọrùn. Tí kò bá gbà, kò sẹ́ni tí ojú rẹ̀ fọ́.

Fún ẹni tí ogójì orúkọ kò gbé ibì kankan, LinkedIn ní ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ kì í lò. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ẹ lọ, ẹ ṣí ojú ìwé rẹ̀, kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ `Alumni` sí. Àpótí kan wà ńbẹ̀ tí ẹ lè kọ `solar` sí. Gbogbo ẹni tó bá ilé-ẹ̀kọ́ yẹn jáde tí ọ̀rọ̀ sólà sì wà nínú ìwé rẹ̀ ló máa jáde, ẹ sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ nípa ìlú tí wọ́n ń gbé àti ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má lọ bá ọ̀gá àgbà. Ẹ wá ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọdún kan sí mẹ́ta, torí òun ló ṣì rántí bí wọ́n ṣe gbà á wọlé, àwọn èèyàn kì í sì í pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó ti báńkì lọ síbẹ̀ ló dára jù lọ. Àyè tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìbéèrè ọ̀rẹ́ níbẹ̀ kéré, kò ju lẹ́tà 200 sí 300 lọ, nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ jọ lọ àti ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa gbà.

Ibí yìí ni ọ̀ràn ọjọ́ orí ti ń wọlé, kò sì yẹ ká sáré kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tí obìnrin wa rí lè jẹ́ ọmọ ọdún 26. Nílé wa, ọmọ ọdún 26 kì í kọ́ ẹni ọdún 36 bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan. Tí ẹ bá wọlé sí i bí ẹ̀gbọ́n, tí ẹ pè é ní “àbúrò mi” tàbí “ìwọ,” á kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á sọ pé “Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n, mà,” kò sì ní sọ òótọ́ tó korò fún yín, bíi pé síífíì yín kò bójú mu. Ẹ pè é ní “ẹ,” kí ẹ pe orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀ níbẹ̀rẹ̀: “Nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ jù mí lọ. Ẹ má tìtorí ọjọ́ orí fi nǹkan pa mọ́ fún mi.” Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ gbólóhùn yẹn máa ń mú kí ọ̀rọ̀ yí padà.

Ọjọ́ ti pé, fóònù ti dún. Ogún ìṣẹ́jú ló tọrọ, nítorí náà ìbéèrè mẹ́ta tó dáa ti tó. Ìbéèrè tí kò dáa ni èyí tí èèyàn lè kà lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́: “Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?” Èyí tó dáa ni èyí tí ẹni tó wà nínú ilé nìkan lè dáhùn. Bí àpẹẹrẹ: “Tí ẹ bá débi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, iye owó wo lẹ kọ́kọ́ ń wò?”

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìbéèrè yẹn lè hú jáde. Ní báńkì, iye tó ń da obìnrin wa láàmú ni gbèsè tó ti kọjá ọgbọ̀n ọjọ́ tí kò tíì wọlé. Ẹni tó wà nílé-iṣẹ́ sólà á sọ fún un pé àwọn kì í sábà fi ọjọ́ kà á bẹ́ẹ̀, torí oníbàárà lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí iná rẹ̀ kú, kó sì tún padà wá san. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé nínú gbogbo owó tó yẹ kó wọlé lóṣù yìí, mélòó ló wọlé. Ká ní náírà mílíọ̀nù mẹ́wàá ló yẹ kó wọlé, tí mílíọ̀nù méje sì wọlé, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Òye kékeré yìí á yí síífíì rẹ̀ padà. Dípò kó kọ pé òun “bójú tó lóònù,” á kọ iye oníbàárà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, iye tó yẹ kí wọ́n san lóṣù, àti ìdá tó wọlé, ní èdè tí ẹni tó máa kà á ń sọ. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ ọ ní èyí lógún ìṣẹ́jú.

Ìbéèrè kejì ni ohun tó máa ń mú kí ẹni tó ti báńkì wá kùnà níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ lè dun èèyàn, àmọ́ òun ló wúlò jù. Ìkẹta, tó gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, ni: “Nínú àwọn tí ẹ mọ̀, ta ni ẹ tún rò pé ó yẹ kí n bá sọ̀rọ̀?” Ẹni tó bá parí ìpè láìbéèrè èyí ti gé okùn náà fúnra rẹ̀. Tí ogún ìṣẹ́jú bá pé, kó sọ ọ́ pé ó ti pé. Tí ẹni náà bá fẹ́ máa bá a lọ, òun ló máa sọ.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó dúpẹ́, kó sì dárúkọ ohun kan tó kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó padà wá jíyìn: “Mo ti bá ẹni tí ẹ júwe sọ̀rọ̀, mo sì ti tún síífíì mi ṣe bí ẹ ṣe wí.” Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúpẹ́, àwọn tó ń padà jíyìn kò pọ̀. Ẹni tó jíyìn ni wọ́n ń rántí tí àyè bá ṣí. Kó má gbàgbé ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀, ìròyìn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ méjì lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti tó. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní lè fèsì fún àwọn tó dáhùn bó ṣe yẹ. Kó ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ sí, ọjọ́ tó kọ̀wé, èsì, ọjọ́ tó jíyìn, àti ẹni tí wọ́n júwe. Ìwé yìí ló máa fi mọ ibi tí nǹkan ti wọ́. Tó bá ti kọ ogún tí ẹyọ ẹnì kan kò fèsì, àtẹ̀jíṣẹ́ ló ní àrùn. Kó wò ó bóyá ó gùn jù, tàbí pé ó ń wá “ẹnikẹ́ni.” Tí wọ́n bá ń fèsì tí wọn kò gbà láti sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti fi síífíì mọ́ ọn, wọ́n sì rò pé iṣẹ́ ló ń tọrọ. Tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó júwe ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ inú ìpè ni kó yẹ̀ wò: ó lè jẹ́ pé ó ń sọ ti ara rẹ̀ jù, tàbí pé ó yí ẹnu sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kí àkókò tó tó. Ẹni tí kò fèsì, kó rán an létí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, kó sì fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kó sanwó kí òun tó fi í mọ ẹnì kan, kó sá fún un.

Ọ̀nà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ojúlùmọ̀ kò lè rọ́pò ìmọ̀ iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé gígun òrùlé àti síso wáyà ni obìnrin wa fẹ́ máa ṣe, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló máa kọ́kọ́ gbà, ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní gbé e débẹ̀. Ibi tí ọ̀nà yìí ti lágbára ni ibi tí iṣẹ́ àtijọ́ àti tuntun ti fara kanra.

Ó ku ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Tó bá ti bá èèyàn bíi mẹ́jọ sọ̀rọ̀, á máa gbọ́ ohun kan náà lẹ́nu ẹni mẹ́ta, mẹ́rin. Ká ní gbogbo wọn ń sọ pé kó mọ Excel lórí kọ̀ǹpútà dáadáa, kó lọ kọ́ ọ, kó sì ròyìn rẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ló lè kọ̀wé sí àwọn méjì, mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ jù, pé: “Mo ti pinnu pé mo fẹ́ wọ iṣẹ́ ìgbowó sólà, ní Òṣogbo, Ìbàdàn tàbí Iléṣà. Tí ẹ bá gbọ́ pé àyè ṣí, inú mi á dùn tí ẹ bá jẹ́ kí n gbọ́.” Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì fi wọ́n sábẹ́ àdéhùn. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá fèsì pé àyè wà, kó kọ́kọ́ kọ̀wé gbaṣẹ́ ní ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n gbà, kí orúkọ rẹ̀ lè wà nínú ìwé wọn. Lọ́jọ́ kan náà ni kó fi síífíì olójú ìwé kan ránṣẹ́ sí ẹni tó sọ fún un, pẹ̀lú orúkọ ipò náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹni náà tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.